Òkú ọ̀dọ́ àti émójì: ohun tí a kì í gbé síwájú ìyá

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán mà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, ó di ọjọ́ mẹ́fà lónìí. Lọ́jọ́ kejì tí ó ṣẹlẹ̀, mo kọ ọ́ sí wọn lórí Wasáàpù pé: 'Ọlọ́run á tù yín nínú mà 😪😭😭🕊️🥀'. Ọmọ mi obìnrin rí i, ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń fi 😭 rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní ẹyẹlé kì í ṣe ti òkú ọ̀dọ́. Wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ náà, wọn ò fèsì. Ṣé kí n pa á rẹ́ ni? Àwọn émójì wo gan-an ni kò yẹ kéèyàn fi ránṣẹ́ sílé ọ̀fọ̀?"

Ẹ kú ọ̀fọ̀ mà, nítorí ọmọ tiyín náà ni. Ẹ má pa á rẹ́. Àkókò tí ẹ lè fi pa á rẹ́ lórí fóònù tiwọn ti kọjá: "Delete for everyone" kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá ti ju nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ lọ. Tó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, torí pé "This message was deleted" ló máa dúró síbẹ̀, ìyá tí kò rí oorun sùn yóò sì máa ro ohun tí ẹ kọ tí ẹ fi tún gbà á padà. Ti pé wọn ò fèsì, ẹ má gbé e sọ́kàn rárá. Ta ló ń tẹ fóònù ní ọjọ́ mẹ́fà tó sin ọmọ?

Ohun tí mo fi ń wọn émójì nílé òkú ọ̀dọ́ kò ju ìbéèrè kan lọ: ṣé àwòrán yìí máa gbé ohun tí àwọn ará ilé ń gbé pamọ́ fún ìyá padà wá síwájú rẹ̀? Ẹ ronú sí ohun tó ń lọ nínú ilé yẹn báyìí. Ẹnì kan ti ká aṣọ ọmọ náà kúrò lórí okùn. Ẹlòmíràn ti sọ fọ́tò rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ kalẹ̀. Nílé ọ̀pọ̀ Yorùbá, a kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀ lé òkú ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ín, a kì í sì í fi ojú oórì ọmọ han ìyá tó bí i. Ẹnu wa náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. A kì í kọjú sí ìyá kí á ní "ọmọ rẹ kú". A máa ń ní "ohun tó ṣẹlẹ̀", "ọ̀rọ̀ yìí", "ohun tí a gbọ́". Ọ̀rọ̀ ṣeé fi aṣọ bò, àwòrán ò ṣeé bò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ dáadáa lẹ́nu fi lè fi émójì kan ṣoṣo tú gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ bò.

Ẹ jẹ́ ká mú tiyín lọ́kọ̀ọ̀kan.

😪 tó ṣáájú, ẹkún lẹ fi pè é, àmọ́ kì í ṣe ẹkún. Orúkọ rẹ̀ lórí fóònù ni "Sleepy Face", ojú ẹni tó ń sùn. Ohun tó dà bí omijé lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀ yẹn, ikun imú ni. Japáànù ni émójì ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ìtàn alàwòrán tiwọn lọ́hùn-ún sì rèé, wọ́n máa ń ya ikun tó wú bí ìfófò sí imú ẹni tí oorun bá gbé lọ. Àwa tí a kò kà wọ́n dàgbà rí omi lójú, a ní ẹkún ni. Èkejì rẹ̀ tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni 😥. Orúkọ tirẹ̀ ni "Sad but Relieved Face", ìyẹn ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ ti wá balẹ̀, òógùn ló sì wà ní iwájú orí rẹ̀. Mo ti rí i nínú ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ju bí mo ṣe lè kà lọ, ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sì ní èrò burúkú kankan.

Ẹ lè ní, ta ló mọ orúkọ wọn? Àwọn àgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì mọ̀ ọ́n, torí pé fóònù wọn ló ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún wọn. Bí ó bá dé ibi tí émójì wà, orúkọ rẹ̀ ló máa pè. Ọ̀rọ̀ yín, bí fóònù ṣe máa kà á nìyí: Ọlọ́run á tù yín nínú mà, lẹ́yìn náà "sleepy face", lẹ́yìn náà "loudly crying face", tó tún un pè. Tí émójì kan bá ń rú yín lójú, ẹ tan TalkBack lórí Android tàbí VoiceOver lórí iPhone, kí ẹ fọwọ́ kan émójì náà, yóò sọ ohun tó ń jẹ́ fún yín. Ìṣẹ́jú kan ò ní parí tí ẹ ó fi mọ̀.

Ní ti 😭, ọmọ yín ò purọ́. Ẹkún kíké ni wọ́n dá a fún, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti lé ní ogójì ọdún, ẹkún ló máa kà á sí. Àmọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó ti di ẹ̀rín tí omi fi ń bọ́ lójú. Ẹ má sọ pé ìyálé yín kì í ṣe ọ̀dọ́, kí ẹ fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ bi ara yín pé ta ni fóònù wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé ọmọ tó kù, ọmọ ọdún 18 tàbí 25, ló ń gba ìpè, òun náà ló ń ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sókè fún ìyá rẹ̀. Òun náà ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. 😭 tí òun àti olóògbé fi ń rẹ́rìn-ín síra wọn lóṣù tó kọjá ló tún wá rí nísàlẹ̀ orúkọ Ọlọ́run yẹn. Ó mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí i.

Ewu kejì wà lára rẹ̀. 😭 àti 😂 jọra púpọ̀ lórí fóònù tí ojú rẹ̀ kéré, méjèèjì ló la ẹnu, méjèèjì ló ń da omi aláwọ̀ búlúù, a sì ń lò wọ́n léraléra débi pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń wà nínú àwọn tí fóònù kó síwájú fún wa. Àṣìtẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Tí ẹ bá fẹ́ fi omijé hàn, ẹyọ kan 😢 ti tó. Omi kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, mi ò sì tíì rí ọ̀dọ́ tó ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ẹyọ kan ni mo wí o. Ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ kì í ké ju ọlọ́fọ̀ lọ, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó, torí pé ọlọ́fọ̀ ló máa wá di ẹni tó ń pẹ̀tù sí i nínú.

Ti ẹyẹlé, mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ ó tọ́ kí a mọ ìdí. Ẹyẹlé kì í ṣe ẹyẹ burúkú lọ́dọ̀ wa. Ẹyẹ ilé ni, ẹyẹ ọ̀rẹ́ ni, òun la fi ń ṣàpèjúwe ẹni tí kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ àmì Ẹ̀mí Mímọ́ àti àlàáfíà. Ibi tí wàhálà rẹ̀ wà ni ohun tí ojú wa ti wá mọ̀ ọ́n mọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Níbi ìsìnkú àwọn àgbà, àwọn ọmọ máa ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí wọ́n fò lọ sókè, olùfọ́tò á dúró, orin á máa lọ, aṣọ ẹbí á máa tàn. 🕊️ ti di àwòrán ẹni tó parí ìrìn rẹ̀, tó jẹun ọmọ, tí ọmọ rẹ̀ sì sin ín. Ọmọ ọdún 22 ò parí ìrìn kankan. A máa ń sọ pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nígbà tí ìyá bá rí ẹyẹlé, ohun tí òun ò ní rí gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn láéláé ló rí. Kì í ṣe èébú, ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ fún òkú àgbà.

🥀 ló dùn mí jù nínú ohun tí ẹ kọ, mo sì mọ̀ pé òun lẹ rò pé ó rẹwà jù. Òdòdó pupa tó tẹ orí, tí ewé rẹ̀ ń já bọ́. Fún ọ̀rẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́, ó lè bójú mu. Fún ìyá, ẹ̀yin ti ya ọmọ rẹ̀ fún un lẹ́yìn tó ti rọ. Ohun tí àwọn àgbà fi aṣọ bò kí ó má bàa rí ni yẹn.

Láti ibẹ̀ ẹ ti lè mọ èyí tí n kì í fẹ́ rí rárá lójú ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn, ì báà ṣe òkú àgbà, ì báà ṣe ti ọ̀dọ́: ⚰️, 🪦, ⚱️, 💀, ☠️, 👻. Àwọn kan ń fi ⚰️ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ ìsìnkú kí ó lè tètè hàn nínú ìkéde, bí ẹni ń fi àmì sí kàlẹ́ńdà. Fún ìyá tí wọn ò jẹ́ kó dé ojú oórì, àpótí àti òkúta oórì ló dé sínú ọwọ́ rẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ ilé mùsùlùmí ni, àṣìṣe di méjì, torí pé aṣọ funfun ni wọ́n ń fi wé òkú tiwọn wọ ilẹ̀, kì í ṣe pósí. 💀 tún burú ju gbogbo wọn lọ nítorí pé "mo kú fún ẹ̀rín" ni ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Ọkàn ńkọ́? Ẹyọ kan 💔 kò burú, ó ti kúrò ní ti olólùfẹ́ nìkan, gbogbo èèyàn ló ti ń fi kẹ́dùn. ❤️ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Tí ẹ bá fi òun nìkan ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ńlá ló máa jáde, á sì máa lù kì kì kì bí ọkàn alààyè. Ẹ rò ó wò, ọkàn tó ń lù lójú ẹni tí ọkàn ọmọ rẹ̀ ti dákẹ́.

Ó ku ìsìn. Ilé tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ kò sí papọ̀ nínú ẹbí kan ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ má rò pé ìsìn tiyín ni tiwọn. ✝️ àti 🕯️ fún ẹni tó máa ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ ń sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n dáadáa. 🙏, ọwọ́ méjì tó pàdé, ni ọ̀pọ̀ ń lò fún gbogbo èèyàn, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Tó bá jẹ́ mùsùlùmí ni, 🤲 ló sún mọ́ ọn jù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tẹ́wọ́ ṣe àdúà. Àwọn aya ilé tó kéré sí ọlọ́fọ̀ tún máa ń fi 🧎‍♀️ ránṣẹ́ láti fi kúnlẹ̀. Mo mọ ọ̀wọ̀ tó wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ìdí ẹ̀bẹ̀ àti àwàdà owó ni àwọn èèyàn ti ń rí i jù. "Mo kúnlẹ̀ kí yín, mà" lọ́rọ̀ ẹnu dára jù ú lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti gúrúùpù ẹbí, nítorí ibẹ̀ ni jàmbá ti ń pọ̀. Nígbà tí Wasáàpù mú émójì tí a ń fi lé orí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wá ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, mẹ́fà ni wọ́n tò síwájú: 👍 ❤️ 😂 😮 😢 🙏. 😂 wà ní àárín gan-an, ibi tí àtàǹpàkò máa ń bọ́ sí, èyí tí ẹ ń wá sì wà ní ìkarùn-ún. Mo ti rí 😂 lórí ìkéde ikú nínú gúrúùpù kan, orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá olóògbé ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà yẹn kò mọ̀ pé ọwọ́ òun kàn án. Odindi ọ̀sán ló fi wà níbẹ̀, torí pé olúkúlùkù ń tijú láti sọ fún un. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ fọwọ́ kan émójì náà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ó rí orúkọ yín, ẹ tún fọwọ́ kàn án, yóò kúrò. Tí ẹ bá rí i lára ẹlòmíràn, ẹ pè é ní ìdákọ́ńkọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sínú gúrúùpù. 👍 pàápàá, tí ẹni tó fi í ń sọ pé "mo ti gbọ́", ń jọ ẹni tó ní "ó dára bẹ́ẹ̀". Bí ikú bá dé gúrúùpù, ẹ má fi nǹkan kan lé e lórí. Ẹ kọ gbólóhùn kan, tàbí kí ẹ dákẹ́ kí ẹ sì pè.

Ohun tó tún wúwo ju àṣìtẹ̀ lọ ni títúfọ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú nílé, nírọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ti fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ gbọ́ títí di àárọ̀, kí àǹtí wọn kan tó wà nítòsí rẹ̀ lè lọ jókòó tì í kó tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ àbúrò náà kò kọ ọ̀rọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ẹnikẹ́ni kú. Fọ́tò rẹ̀, 💔 àti 🕊️, ohun tó gbé sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ nìyẹn. Inú bọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin yẹn wà nígbà tó rí i. Ó sọ fún mi pé ẹyẹlé náà lòun kọ́kọ́ rí, òun ò tíì wo fọ́tò tán kí òun tó mọ̀. Émójì méjì túfọ̀ fún ẹni tí gbogbo ilé ń rọra fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún. Ẹ bi ọmọ ilé kan pé "ṣé gbogbo wọn ti mọ̀?" kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta, kí ẹ sì retí ìdáhùn.

Tó bá jẹ́ pé ìyá ẹni ọdún 84 ló lọ ni, n ò ní sọ tó báyìí. Ẹ lè lo 🕊️, ẹ lè lo 💐, ẹ lè kọ "ẹ kú àsẹ̀yìndè, ẹ̀yìn wọn á dára". 🎉 àti 💃 nìkan ni kí ẹ dá dúró títí àwọn ọmọ olókùú fúnra wọn yóò fi gbé fọ́tò aṣọ ẹbí jáde.

Ní báyìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ má tún kọ̀wé láti ṣàlàyé émójì, nítorí ẹ ó sọ àṣìṣe tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì rí di ohun tí wọ́n ní láti máa dárí rẹ̀ jì yín. Ẹ kọ òmíràn tí kò ní àwòrán kankan, kí ó sì ní ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe nínú. Bí èmi bá ni, bí n ó ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Ìyá wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu mi. Mo ń gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má ṣe ìyọnu àtifèsì. Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí."

Mo ní "ìyá wa" níbẹ̀ nítorí pé ẹ lè ti máa fi orúkọ ọmọ pè wọ́n, ìyá lágbájá. Tó bá jẹ́ orúkọ ọmọ tó lọ yìí ni ẹ fi ń pè wọ́n, ẹ má kọ ọ́ báyìí, ẹ dúró kí àwọn fúnra wọn fi ohun tí wọ́n fẹ́ kí a máa pe àwọn hàn. Ẹ má sì kọ "omi ló dànù, agbè ò fọ́". Ẹni tí ọmọ ọwọ́ kú mọ́ lọ́wọ́ la ń sọ ìyẹn fún. Ọmọ ọdún 22 kì í ṣe omi tí a tún ń pọn.

Ó ṣeé ṣe kí 🙏 kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ❤️ lé e lórí, ẹ má dá 🙏 padà. Ẹ gbé ọbẹ̀ náà lọ.